Òǹgbẹ Tí Omi Kò Pa: Ohun Tí Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ Ń Ṣe Fún Ẹni Tó Ń Jẹun Tó sì Ń Rù

 

Àmì mẹ́ta tó sábà máa ń rìn pọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: òǹgbẹ tí kì í tán, ebi tó ń pọ̀ sí i, àti ara tó ń rù. Bí ẹnì kan bá ń jẹun dáadáa tó sì ń gbẹ, àwọn kan á ní aràn ni, àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ibi tí oúnjẹ tó ń jẹ gbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ kajú kan ṣe àpẹẹrẹ. Mi ò ní ẹnì kankan ní Mànígírì níbí lọ́kàn o. Ọkùnrin náà ti lé ní ogójì ọdún. Nígbà ọyẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì gbà pé ọyẹ́ ló fà á. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ fura, nítorí ó ń dìde tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru. Ó ń jẹ iyán tán, kò sì pẹ́ tí yóò tún béèrè oúnjẹ. Síbẹ̀, kí kajú tó so tán, bẹ́líìtì rẹ̀ ti nílò ihò tuntun.

Ìtọ̀ ọkùnrin yìí ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ẹni tí oòrùn tàbí ọyẹ́ gbẹ omi ara rẹ̀, tàbí ẹni tó ń gbààwẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ máa ń kéré, ó sì máa ń pọ́n, nítorí kíndìnrín ń ṣọ́ ìwọ̀nba omi tó kù lára. Ṣùgbọ́n bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ènìyàn, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ rẹpẹtẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ bí omi, a jẹ́ pé nǹkan kan ń fa omi jáde lára rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣúgà ni.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Iyán, ẹ̀kọ, gààrí, búrẹ́dì, gbogbo wọn ni ara ń sọ di ṣúgà, tí ẹ̀jẹ̀ á sì gbé kiri. Lójúmọ́, kíndìnrín àgbàlagbà ń sẹ́ omi ẹ̀jẹ̀ tó tó nǹkan bí lítà 180. Ṣúgà inú rẹ̀ ń bá a kọjá, ṣùgbọ́n kíndìnrín á tún gba gbogbo rẹ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, débi pé kò ní sí ṣúgà nínú ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le. Agbára tí kíndìnrín ní láti gbà á padà ní ààlà. Bí ṣúgà bá ti kọjá nǹkan bí gíráàmù 1.80 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, apá rẹ̀ kì í ká a mọ́, èyí tó ṣẹ́ kù á sì bá ìtọ̀ lọ. Ṣúgà kì í dá lọ. Omi ló máa ń fà tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ṣúgà inú ìtọ̀ yẹn ló ń mú kí èèrà máa ṣù bo ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tọ̀ sí. Bí omi ara bá ń dínkù, ẹ̀jẹ̀ á ki, ọpọlọ á mọ̀ ọ́n lára, òǹgbẹ á sì bẹ̀rẹ̀. Ìtọ̀ ló ń fa òǹgbẹ yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi omi du aláìsàn náà kí ìtọ̀ rẹ̀ lè dínkù. Omi lásán ni kí ó máa mu. Bó bá jẹ́ ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò aládùn ló ń fi pa òǹgbẹ náà, ńṣe ló ń fi ṣúgà kún ṣúgà.

Ebi àti rírù wá ńkọ́? Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpòlúkù tí à ń pè ní pankíríásì. Òun ló ń ṣe ínsúlíìnì, èyí tó ń mú kí ẹran ara àti ọ̀rá gba ṣúgà wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀. Bí ínsúlíìnì kò bá tó, tàbí tí ara kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, ebi á sì máa pa ẹran ara. Ọ̀pọ̀ wà lóde, àìní wà nínú. Ara á wá máa ṣe bí ìgbà tí ènìyàn kò jẹun rárá: ẹ̀dọ̀ á tún máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá á máa yọ́, ẹran ara á máa dínkù, ọpọlọ á sì máa pàṣẹ pé kí ó jẹun.

Ní ọdún 1889, àwọn dókítà méjì, Jósẹ́fù fọn Mẹ́ríìnì àti Ósíkà Mínkófúsíkì, yọ pankíríásì ajá kan ní Sítírásíbọ́ọ̀gì. Ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ láìdáwọ́ dúró, ó ń mu omi, ó ń jẹun, ó sì ń rù. Ṣúgà ló kún inú ìtọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé pankíríásì lọ́wọ́ nínú àìsàn yìí, èyí tí à ń pè ní àtọ̀gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti àgbẹ̀ wa. Ká ní gíráàmù 100 ṣúgà ló ń bá ìtọ̀ rẹ̀ lọ lójúmọ́. Gíráàmù kan ń fún ara ní kálórì mẹ́rin, nítorí náà kálórì 400 ló ń ṣòfò. Iṣu sísè bí ìdá mẹ́ta kílò nìyẹn, lójoojúmọ́. Láàárín oṣù kan, òfò yẹn nìkan lè mú nǹkan bíi kílò kan àbọ̀ ọ̀rá lọ, láìka omi àti ẹran ara tó tún ń lọ.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ni wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò. Bí ènìyàn kò bá tíì jẹun fún wákàtí mẹ́jọ, tí ṣúgà rẹ̀ sì tó gíráàmù 1.26 nínú lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtọ̀gbẹ ló ń tọ́ka sí. Bó bá tó gíráàmù 2.00 nígbàkígbà, tí àwọn àmì wọ̀nyí sì wà, ọ̀rọ̀ ti yé dókítà. Ẹ̀rọ tó wá láti Nàìjíríà lè kọ 126 mg/dL tàbí 7.0 mmol/L, ohun kan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan èso kajú tàbí máńgòrò gbọ́dọ̀ fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀, kó sì nù ún gbẹ kí wọ́n tó gún un, nítorí omi èso tó wà lórí ìka lè mú kí ẹ̀rọ ka iye tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀.

Òótọ́ ni pé ikọ́ ife àti àwọn àìsàn mìíràn náà ń mú ènìyàn rù, àtọ̀gbẹ sì lè wà lára ọ̀pọ̀ láìsí àmì kankan. Ìyẹn ló fi yẹ kí a wọn ṣúgà, kí a má ṣe máa fojú wò ó. Àgbo kò lè rọ́pò ínsúlíìnì fún ẹni tí dókítà ti fún ní ínsúlíìnì.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ibùsùn bá tún bẹ̀rẹ̀, tó ń mu omi tó sì ń rù, ẹ má ṣe nà án. Ẹ gbé e lọ wọn ṣúgà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá ti ń bì, tí inú ń run ún, tí ó ń mí gúlegúle tàbí tí oorun ń kùn ún ṣáá, ẹ má ṣe sọ pé ibà ni kí ẹ wá jókòó sílé. Kódà bó bá jẹ́ òru, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Bàsílà.