Bí Ẹ̀kọ́ Kọ̀ǹpútà Bá Dé Àárín, Tí Ọwọ́ Sì Rọ



Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń kọ́ bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n á fi ayọ̀ bẹ̀rẹ̀. Tó bá di àárín, wọ́n á dákẹ́. Kí ló ń fà á?

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọbìnrin kan ní Kétu, tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ. Ẹ̀kọ́ CS50P ló mú, ti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Ẹ ó rí i ní cs50.harvard.edu/python. Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ ń sọ. Ọmọ náà gbọ́ ọ díẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ ń ná ọjà ní ìhà Nàìjíríà. Èdè tí wọ́n fi ń kọ àṣẹ níbẹ̀ ni Python. Ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọ̀sẹ̀ 10, ṣùgbọ́n láti òdo ni wọ́n ti ń kà á: ọ̀sẹ̀ 0 títí dé ọ̀sẹ̀ 9. Bí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe ń kà nìyẹn, ẹ má bá wọn jà.

Ọ̀sẹ̀ 0 sí 2 dùn mọ́ ọn. Ní ọ̀sẹ̀ 3, ẹ̀kọ́ kan àṣìṣe tí ń dá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dúró. Ó sú u. Ó ní òun yóò padà sí ọ̀sẹ̀ 0. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń tún un bẹ̀rẹ̀ báyìí, tí wọ́n sì ń ṣubú síbi kan náà.

Mo ní kó pa fídíò, kó ṣí ojú ewé òfìfo, kó dá kọ ohun tó kọ́ ní ọ̀sẹ̀ 2. Kò lè kọ ọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ó ti ń wo olùkọ́, ó ń mi orí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń wo ahunṣọ kò tíì hun aṣọ.

A wá mú iṣẹ́ kékeré kan: kí kọ̀ǹpútà máa ro owó tí ìyá rẹ̀ pa lójúmọ́. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó tẹ 500, ó tẹ 200. Kọ̀ǹpútà dáhùn pé 500200! A rẹ́rìn-ín títí. Ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà ka ohun tí a bá tẹ̀ sí lẹ́tà, kò kà á sí iye. Ó kàn so wọ́n pọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, int, ló ń sọ lẹ́tà di iye. Ọmọ náà ti gbọ́ ọ nínú fídíò. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e.

Alẹ́ mẹ́ta, bí ìdajì wákàtí lálẹ́ kan, iṣẹ́ náà ń lọ. Ìyá rẹ̀ ní kí òun náà gbìyànjú. Ó tẹ 500F, bí a ti ń kọ owó. Kọ̀ǹpútà dúró, ó kọ ọ̀rọ̀ jáde ní ìlà bíi mélòó kan. Ìlà tó kẹ́yìn ni kí a kọ́kọ́ kà. ValueError ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí a tẹ̀ kò ṣeé sọ di iye, nítorí lẹ́tà F tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ náà pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀sẹ̀ 3 nìyí!" Òtítọ́ ni. Ẹ̀kọ́ tó sú u gan-an ni oògùn rẹ̀. Ó padà síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sì tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe báyìí:

```
apapo = 0
while True:
    owo = input("Elo? ")
    if owo == "":
        break
    try:
        apapo = apapo + int(owo)
    except ValueError:
        print("Nomba nikan")
print(apapo)
```

Ẹ wo try àti except. Wọ́n ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé: gbìyànjú èyí, bí kò bá ṣeé ṣe, má dúró, sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, kí o sì tún bi í. Bí a kò bá tẹ nǹkan kan, tí a kàn tẹ Enter, ó parí, ó sì sọ àpapọ̀.

Ọmọ náà ka ìlà kọ̀ọ̀kan sókè fún ìyá rẹ̀, ó sì sọ ohun tó ń ṣe. Ìlà tó bá fi ń kọ́lọ̀lọ̀, a mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ kó padà sí, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ 0.

Àléébù kan ṣì wà. Bí iṣẹ́ náà bá parí, kọ̀ǹpútà á gbàgbé gbogbo owó náà. Ìyá rẹ̀ bi í pé: "Ti àná ńkọ́?" Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́ sínú fáìlì. Nígbà tí mo kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ 4 ló wà, ìyá rẹ̀ sì ń béèrè lójoojúmọ́ pé ọ̀sẹ̀ 6 dà.