"Nǹkan Kan Ló Délẹ̀" Kì í Ṣe Àwíjàre

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo rò pé kò sí akọ̀wé ẹgbẹ́ nílùú yìí tí gbólóhùn yìí kò sí lórí fóònù rẹ̀: "Ẹ má bínú, nǹkan kan ló délẹ̀." Bí Iléyá bá ń sún mọ́lé ló máa ń pọ̀ jù. Àsìkò yẹn ni ìpàdé ń gun orí ara wọn: ọ̀rọ̀ owó aṣọ, ọ̀rọ̀ télọ̀, ọ̀rọ̀ onílù, àti bí a ó ṣe jó dé iwájú ọba lọ́jọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá. Ẹni tí kò bá wá nígbà náà, ẹlòmíì ló ń bá a ru ẹrù rẹ̀.

Gbólóhùn yẹn lè jẹ́ òótọ́ pọ́nbélé. Ohun tó ń pa á lára ni pé ó fi àlàfo sílẹ̀, ẹni tó ń bínú ló sì máa dí àlàfo náà.

Ní 1987, Bernard Weiner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn lórí àwíjàre jáde. Wọ́n rí i pé ìdí tó kọjá agbára ẹni, bí àìsàn tàbí ọkọ̀ tó bàjẹ́, ni èèyàn máa ń sọ síta. Èyí tó wà níkàáwọ́ ẹni, bí ìgbàgbé tàbí pé kò wù ú láti lọ, ni wọ́n máa ń gbé pamọ́. Ẹni tó ń gbọ́ àwíjàre náà mọ èyí, torí òun náà ti ṣe é rí. Ó mọ̀ pé ẹni tí táyà rẹ̀ bẹ́ lójú ọ̀nà kì í fi ọ̀rọ̀ táyà ṣe àṣírí. Bí ẹ bá wá ní "nǹkan kan", ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ sí i lọ́kàn ni pé nǹkan ọ̀hún kò ṣeé sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú akápò ẹgbẹ́ kan tó ń ti Èkó bọ̀ wá sí ìpàdé aago mẹ́wàá. Owó aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dé. Bó bá kọ "nǹkan kan ló délẹ̀", kí aago mọ́kànlá tó lù, ẹnì kan á ti béèrè bóyá owó ṣì pé. Ẹ wo irú èyí tó yẹ kó kọ:

"Alága, ẹ kú ìjókòó. Táyà iwájú bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́yìn Ṣágámù ní aago mẹ́sàn-án, rímù náà sì tẹ̀. Àwọn tó ń tún un ṣe ní ó di ọ̀sán. Owó aṣọ wà ní àkáǹtì ẹgbẹ́. Mo ti fi orúkọ àwọn tó san ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Ẹ má dúró dè mí. Màá yà nílé yín nírọ̀lẹ́."

Aago mẹ́sàn-án fi hàn pé ó ti gbéra kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ṣágámù fi hàn pé ó ti ń bọ̀ lóòótọ́, rímù tó tẹ̀ sì sọ ìdí tí àtúnṣe náà fi máa pẹ́ dọ̀sán, bí kò bá ní táyà àfipààrọ̀. (Ọ̀rọ̀ táyà àfipààrọ̀ yẹn ni ìbéèrè tí alága gidi máa bi í nírọ̀lẹ́, kó yáa ti múra ìdáhùn.) Ṣùgbọ́n gbólóhùn nípa owó ló ṣe pàtàkì jù, torí ohun tó ń ba àwọn tó wà ní ìjókòó lẹ́rù gan-an ló dáhùn.

Ẹnì kan lè ní, ọ̀rọ̀ àṣírí ńkọ́? Irú ọ̀rọ̀ náà la máa sọ, a ò ní tú inú rẹ̀: "Ọ̀rọ̀ àìsàn ni nínú ilé mi, mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo wà ní ọsibítù títí di alẹ́." Kò sí ẹni tó máa béèrè irú àìsàn. Bákan náà, kí a má ko ìdí mẹ́ta jọ. Táyà, orí fífọ́ àti àlejò nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo máa ń jọ irọ́, kódà bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin akọ̀wé ni pé, nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, ẹ má kọ "ó tọrọ gáfárà" nìkan mọ́. Ẹ kọ ohun tó dá a dúró, ìgbà tó ránṣẹ́, àti ọjọ́ tó ní òun máa ṣe iṣẹ́ tó fi sílẹ̀. Bí kò bá sọ wọ́n, ẹ pè é padà kí ẹ béèrè.