Kí Ẹ Tó Dè Nọ́ọ̀tì Táyà

 

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń gba òmìnira lónìí, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, n kò ní tún ìyẹn sọ. Nọ́ọ̀tì táyà ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí kò sí ẹni tí kò gbà pé òun mọ̀ ọ́n dè.

Ẹ jẹ́ ká mú Tòyótà Kòrólà tòkúǹbọ̀ kan tó ti Amẹ́ríkà wá. Ìwé rẹ̀ ní kí ẹ dè nọ́ọ̀tì táyà dé 76 lb-ft, ìyẹn pọ́n-ùn ẹsẹ̀bàtà. Ẹ wá lọ ra tọ́ọ̀kì réǹṣì ní ASPAMDA, ní Tíréédì Féà, ẹ sì rí i pé N·m, ìyẹn níútìn-mítà, nìkan ló wà lára rẹ̀. Kí lẹ máa ṣe?

Agbára tí a fi ń ti ọwọ́ sípánà, tí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú gígùn ọwọ́ sípánà náà, ni wọ́n ń wọ̀n. Agbára pọ́n-ùn kan jẹ́ níútìn 4.448. Ẹsẹ̀bàtà kan jẹ́ mítà 0.3048. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀, ẹ máa rí 1.356. Kò sí àdììtú kankan níbẹ̀.

```
76 × 1.356 = 103 N·m
```

Orí 103 lẹ máa yí i sí nìyẹn. Bí kò bá sí fóònù lọ́wọ́ láti fi ṣírò, ẹ fi ìdá mẹ́ta nọ́ńbà náà kún un: ìdá mẹ́ta 76 lé díẹ̀ ní 25, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 101. Ẹ kò ní fi ìyẹn dè é, àmọ́ ẹ máa mọ̀ bóyá ìṣirò yín ti ṣìnà. Nọ́ńbà N·m gbọ́dọ̀ ju ti lb-ft lọ nígbà gbogbo. Ẹni tó bá rí 56 ti pín in dípò kó sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹni tó bá fi 76 sójú N·m láìṣírò, bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó yẹ ló dè é. Nọ́ọ̀tì á máa tú díẹ̀díẹ̀, ìpẹtà pupa á máa jáde láti abẹ́ rẹ̀, ihò rímù á sì máa fẹ̀ sí i. Ẹni tó bá tún fi 103 sójú lb-ft ti dè é dé nǹkan bíi 140 N·m. Sítọ́ọ̀dù lè na, dísìkì bíréékì sì lè wọ́. Bí ẹsẹ̀ awakọ̀ bá ń gbọ̀n lórí bíréékì nígbà tó bá tẹ̀ ẹ́ lórí eré, ẹ wo ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó ń dùn mí jù ni gígun sípánà. Ẹ̀yin náà ti rí i lẹ́bàá títì Bàdágìrì. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: ẹni tó wọn kílò 80 dúró sí ìparí sípánà tó gùn ní mítà 0.4. Ìwúwo rẹ̀ tó níútìn 785. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.4, ó di 314 N·m. Ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ìwé sọ ni ó fi dè é, kò sì tíì fò sókè! Ìdí nìyí tí obìnrin tí táyà rẹ̀ jò lóru ní Ìyànà Ìbà ò fi ní lè fi sípánà inú búùtù tú u.

Ẹ fi ọwọ́ lásán wé nọ́ọ̀tì wọlé ná. Bó bá le láàárín ọ̀nà, tírẹ́ẹ̀dì sítọ́ọ̀dù yẹn ti bàjẹ́ tàbí ó ti na, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi gíríìsì sí i, torí tírẹ́ẹ̀dì tó bá ń yọ̀ á jẹ́ kí 103 kan náà fa sítọ́ọ̀dù ju bó ṣe yẹ lọ. Bí nọ́ọ̀tì bá jẹ́ márùn-ún, ẹ máa fo ọ̀kan bí ẹ ṣe ń dè é lọ, títí tọ́ọ̀kì réǹṣì á fi dún kẹ́ lórí gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ló yẹ kó dún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tún fà á lẹ́yìn ìyẹn.

Iye tí mo dá yìí, ti Kòrólà yẹn ni o. Họ́ńdà Sífíìkì púpọ̀ ń gba 80 lb-ft, ìyẹn 108 N·m. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ tó bá wà níwájú yín.

Bí ẹ bá ti gbé táyà padà, ẹ ní kí oníbàárà padà wá lẹ́yìn tó bá ti rin kìlómítà 80 sí 160, kí ẹ tún fi tọ́ọ̀kì réǹṣì kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan wò lórí nọ́ńbà kan náà. Ẹ má gba owó ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.