Bí A Ó Ṣe Máa Ka Owó Ṣọ́ọ̀bù Wa Lálaalẹ́
Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan sọ ní ìpàdé ẹ̀ka

Ìgbìmọ̀ ní kí n wá ṣàlàyé ìwé ìlànà owó tí a kọ fún ṣọ́ọ̀bù alájẹṣẹ́kù wa. N kò ní kà á láti òkè délẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ará mọ́tò fẹ́ padà sí gáréèjì. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni n ó sọ.

Lóṣù tó kọjá, owó dín ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ọjọ́ náà fi hàn pé ọjà ₦136,500 ni a tà. Nínú rẹ̀, ₦32,000 gba orí ẹ̀rọ pí-ó-ẹ̀sì, ₦12,500 sì jẹ́ àwìn tí a ó yọ nínú owó oṣù. Ó ku ₦92,000 tí ìwé pè ní owó ọwọ́. Ẹ fi ₦10,000 owó ṣẹ́ńjì àárọ̀ kún un, kí ẹ yọ ₦6,000 tí wọ́n fi ra pẹtiróòlù sí jẹnẹrétọ̀. ₦96,000 ló yẹ kó wà nínú àpótí. Wọ́n kà á: ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan jẹ́ 52, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta 40, igba 25, ọgọ́rùn-ún 10. Ó jẹ́ ₦78,000. ₦18,000 ti dàwátì.

Lójú ẹsẹ̀, àwọn kan ní kí a yọ ọ́ nínú owó oṣù ọmọbìnrin tó ń gbowó. Ó sọ fún mi pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan." Mo ní kí wọ́n sinmi. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala 5, kò gbà kí agbanisíṣẹ́ yọ owó àdánù nínú owó òṣìṣẹ́ àfi tí ọ́fíísà iṣẹ́ ti ìjọba bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé, tó sì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí kò kíyè sára. Àwa tí à ń fi òfin yìí bá ọ̀gá jà kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ilé ara wa.

A wá ìdí rẹ̀. Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n kọ́ mi ní kíláàsì alẹ́: bí iye tó dín bá pín sí 9 láìsí ìyókù, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan yí nọ́ńbà padà, bí ẹni tó fẹ́ kọ 86,500 tó kọ 68,500. 18,000 pín sí 9 dáadáa. A tú ìwé títí ilẹ̀ fi ṣú, a kò rí nǹkan kan! Ọgbọ́n náà ń tọ́ni sọ́nà ni, kì í ṣe ẹ̀rí.

Ní ọjọ́ kejì, a gba àkọsílẹ̀ báńkì. ₦18,000 ti wọlé láago mẹ́rin ọ̀sán. Oníbàárà kan ló fi tiransífà san owó ìrẹsì àti òróró, ṣùgbọ́n ìwé wa kò ní ojú ìlà fún tiransífà, ni wọ́n bá kọ ọ́ sábẹ́ owó ọwọ́. Owó kò sọnù rárá.

Nítorí náà, ìwé tuntun ní ojú ìlà mẹ́rin: owó ọwọ́, pí-ó-ẹ̀sì, tiransífà, àwìn. Lórí tiransífà, a kò ní wo fóònù oníbàárà, nítorí alẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀. Inú àkáǹtì ẹgbẹ́ gan-an ni a ó ti rí owó kí ẹrù tó jáde.

Lówùúrọ̀, ẹni tó máa gbowó yóò ka owó ṣẹ́ńjì lójú alábòójútó, àwọn méjèèjì yóò sì fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa wọ àpótí. Bí ó bá fẹ́ lọ jẹun, kí wọ́n kà á kí ẹlòmíràn tó gbà á. Láìṣe bẹ́ẹ̀, bí owó bá dín, ta ni a ó bi? Owó tó bá jáde, bó ṣe ti pẹtiróòlù, gbọ́dọ̀ ní ìwé tí a fọwọ́ sí nínú àpótí.

Èyí tí àwọn kan ń kùn sí ni ti alẹ́. Ẹni tó ń ka owó kò gbọdọ̀ mọ iye tí ìwé ń retí. Yóò kà á, yóò kọ iye bébà owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, yóò fọwọ́ sí i, kí alábòójútó tó ṣí ìwé ọjà. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ₦96,000 ni, tó bá rí ₦97,500, ₦1,500 lè wọ àpò, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Owó tó lé náà jẹ́ àṣìṣe: bóyá oníbàárà kan kò gba ṣẹ́ńjì rẹ̀. Nítorí náà, a ó kọ ìyàtọ̀ sílẹ̀, ì báà lé, ì báà dín. Ẹ má fi owó tó lé lánàá dí èyí tó dín lónìí.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò yọ ₦10,000 ṣẹ́ńjì ọ̀la sọ́tọ̀. Gbogbo ìyókù ń lọ sí báńkì láàárọ̀ bó ṣe wà. A kò ní fi ra ọjà lójú ọ̀nà. Bí ìyàtọ̀ bá wà, a ó dúró de àkọsílẹ̀ báńkì kí a tó pe ẹnikẹ́ni.

Ìwé náà wà lára ògiri lẹ́yìn tábìlì báyìí. Kò ju ojú ewé kan lọ. Ẹni tó bá ní àtúnṣe, kí ó kọ ọ́ fún akọ̀wé kí a tó dìbò lé e lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀.