Iye Èrò àti Èrè Onígbọ̀wọ́

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi, bí a bá ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kan nítòsí Gówọ̀n Ẹ́sítéètì pé kí ó ṣe onígbọ̀wọ́ àjọ̀dún wa, kí a má ṣe kọ “ogunlọ́gọ̀ ènìyàn” lásán. Ọ̀gá ibẹ̀ yóò béèrè pé: mélòó ni?

Herbert Jacobs, olùkọ́ iṣẹ́ ìròyìn ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀nà kan hàn láàárín ọdún 1960 sí 1969: níbi tí èrò kò bá ti há, ẹnì kan a máa gba nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 10. Ká ní pápá wa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 100, tí ó sì fẹ̀ ní 60: ó di 6,000. Bí a bá fi 10 pín in, ènìyàn 600 ni. Ṣùgbọ́n bí ìdajì pápá bá ṣófo léṣìí, 300 ni kí a kọ.

Bí a bá wá béèrè ₦150,000, ₦500 ni ilé-iṣẹ́ náà ń san lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí a sọ ohun tí yóò fi gbà: pátákó orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àyè tí yóò ti pàtẹ ọjà, àti àwòrán pẹ̀lú iye èrò gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn àjọ̀dún.

Bí a bá kọ 600, tí aṣojú wọn sì bá àga òfìfo, a kò ní rí ìdáhùn lọ́dún tí ń bọ̀.