Fọ́tò Yín Ló Ń Jẹ Àyè Ímeèlì Yín
(Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá ìpàdé sọ)



Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ayọ̀bọ̀ níbí ń retí ímeèlì tí wọ́n fẹ́ fi pè é wá fún iṣẹ́. Kò rí i gbà. Nígbà tí mo yẹ fóònù ẹ̀ wò, àyè 15 GB tí Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ti kún fọ́fọ́. Àpò kan náà ni Gmail, Drive àti Google Photos jọ ń lò. Bí fọ́tò bá kún un, ímeèlì ò ní wọlé mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ṣebí ọ̀fẹ́ ni fọ́tò tí wọ́n bá fún pọ̀?" Tẹ́lẹ̀ ni. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2021, èyí tí wọ́n fún pọ̀ náà ti ń jẹ àyè. Èyí tó ti wọlé bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, wọn ò kà á.

"Original quality" ń tọ́jú fọ́tò bó ṣe rí gan-an. "Storage saver" ń fún un pọ̀: èyí tó bá ju mẹgapísẹ́ẹ̀lì 16 lọ, á dín in kù sí 16, fídíò tó bá ju 1080p lọ, á dín in kù sí 1080p. Mẹgapísẹ́ẹ̀lì 16 ṣì dára fún fọ́tò tí ẹ máa tẹ̀ jáde ní ínǹṣì 24 sí 16, tó tóbi tó èyí tí à ń gbé kọ́ sára ògiri. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bí fọ́tò kan bá jẹ́ 4 MB, nǹkan bíi 3,750 ló máa kún 15 GB. Bí wọ́n bá fún un pọ̀ di 2 MB, ó di 7,500.

Ẹ̀gbọ́n sáré lọ sí "Backup quality", ó yí i sí "Storage saver". Àyè ò dín rárá! Ìdí ni pé fọ́tò tó máa wọlé lẹ́yìn náà nìkan ni ìyípadà yẹn kàn. Fún àwọn tó ti wà níbẹ̀, ẹ fi kọ̀ǹpútà lọ sí photos.google.com/quotamanagement, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Recover storage" sí.

Àmọ́ ẹ rọra o. Bí wọ́n bá ti fún wọn pọ̀, kò ṣeé dá padà. Bí ẹ bá sì ti tẹ "Free up space" rí, fọ́tò náà ti kúrò lórí fóònù yín, èyí tó wà lọ́dọ̀ Google nìkan ló kù. Nítorí náà, fọ́tò ìyá àgbà tó ti lọ, ẹ kọ́kọ́ dà á sórí fláàṣì bó ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, ímeèlì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Èyí tó ń retí níjọ́sí ò wá mọ́. Ẹ yẹ tiyín wò kó tó kún.