Kí A Tó Ra Búlọ́ọ̀kù: Bí A Ṣe Ń Kà Á Láti Inú Àwòrán Ilé

Níbi tí ọjọ́ orí wa dé yìí, ẹni tí kò bá máa kọ́lé lọ́wọ́, ó ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá a kọ́ ọ. Níbi iṣẹ́ mi ní bánkì, mo máa ń rí ìwé pélébé tí wọ́n kọ "búlọ́ọ̀kù 1,500" sí, láìsí ohun tó fi hàn bí wọ́n ṣe rí iye náà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a jọ ka búlọ́ọ̀kù ilé kékeré kan lónìí.

Ká ní ṣọ́ọ̀bù oníyàrá méjì ni. Láti ìta dé ìta, òró rẹ̀ jẹ́ mítà 7.2, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 5.4. Búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì mẹ́sàn-án ni a fẹ́ lò: gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 450, gíga rẹ̀ 225, nínípọn rẹ̀ 225.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára àwòrán ni kí ẹ lò, ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n. Lórí àwòrán 1:100, mítà 7.2 yẹ kó jẹ́ mìlímítà 72 lórí ìwé. Bí rúlà bá sọ pé 69 ni, ẹ̀rọ tó da ìwé náà kọ ti sọ ọ́ di kékeré.

Ó kan gígùn ògiri. Bí a bá ro ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ìta pọ̀, a ó rí mítà 25.2. Ṣùgbọ́n a ti ka igun kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, torí ògiri méjì ló pàdé níbẹ̀. A ó yọ nínípọn ògiri kan fún igun kọ̀ọ̀kan, ìyẹn mìlímítà 900 fún igun mẹ́rin, yóò wá ku mítà 24.3. Ògiri tó pín yàrá méjèèjì wà láàárín ògiri ìta méjì, torí náà 5.4 náà yóò dín sí mítà 4.95. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà 29.25.

Gíga ògiri jẹ́ mítà 3, èyí fún wa ní súkúwíà mítà 87.75. Ilẹ̀kùn méjì àti fèrèsé mẹ́rin gba 10.17 nínú rẹ̀. Líńtẹ́lì oníkankéré tó yí gbogbo ògiri ká, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 225, gba nǹkan bí 6.58. Ó ku 71. Súkúwíà mítà kan ń gba búlọ́ọ̀kù 10, nítorí náà ògiri fẹ́ 710. Ẹ rántí pé 10 yìí kò yọ àyè símẹ́ńtì tó wà láàárín búlọ́ọ̀kù. Èyí tó lé níbẹ̀ ni yóò dípò àwọn tó bá fọ́. Ẹni tó bá tún fi owó ìfọ́ lé e ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ku ohun tí àwòrán ilẹ̀ yàrá kì í fi hàn: fandéṣọ̀n. Inú àwòrán tó gé ilé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti rí i. Ìlà búlọ́ọ̀kù kan yíká gba 65, ìyẹn 29.25 tí a fi 0.45 pín. Ìlà mẹ́fà jẹ́ 390. Àpapọ̀ ilé wa di 1,100. Bí ilẹ̀ bá dagẹ̀rẹ̀, ìlà kò ní jẹ́ mẹ́fà níbi gbogbo, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a ó kà lọ́tọ̀.

Ẹ wá wo ibi tí ìjà ti ń wá. Ẹnì kan ro ìta ilé pọ̀ bó ṣe wà, ó fi 5.4 odindi kún un, ó rí mítà 30.6. Ó fi 3 sọ ọ́ di púpọ̀, kò yọ ilẹ̀kùn, kò yọ fèrèsé, kò yọ líńtẹ́lì, ó ní búlọ́ọ̀kù 918. Ó gbàgbé fandéṣọ̀n pátápátá. Àṣìṣe kan fi 208 kún un, èkejì yọ 390 kúrò, ọ̀kan sì bo èkejì mọ́lẹ̀. Iye náà kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Fandéṣọ̀n á gba 390 nínú rẹ̀, 528 ló máa ṣẹ́ kù fún ògiri tó fẹ́ 710. Kí ògiri tó parí, bíríkìlà á pè yín pé búlọ́ọ̀kù ti tán. Ẹni tó wà lókè òkun á rò pé àbúrò òun tó ń ṣọ́ ibi iṣẹ́ ti tà á. Bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó jí ohunkóhun. Orí ìwé ni búlọ́ọ̀kù ti sọnù.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fún yín ní iye, ẹ béèrè ìlà márùn-ún: gígùn ògiri, gíga, ohun tí wọ́n yọ, iye fún súkúwíà mítà, àti fandéṣọ̀n lọ́tọ̀. Bí ìlà kan bá ṣófo, ẹ má tíì sanwó.